Ẹ Dá Nọ́ńbà Kànga Padà Kí Ẹ Tó Gbé e Fún Wa

Nínú ìwé ìwádìí lórí omi kànga, tábìlì kan wà tí kì í wọ́n. Orúkọ àdúgbò ló máa ń wà lápá òsì. Lápá ọ̀tún ni nọ́ńbà bíi 3.20 ± 0.37 máa ń wà, pẹ̀lú lẹ́tà kékeré a tàbí b lórí rẹ̀ láti fi hàn pé àdúgbò yìí yàtọ̀ sí èkejì. Lábẹ́ tábìlì náà ni wọ́n máa ń kọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ pé lọ́ọ̀gì iye bakitéríà ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ ọ́ gbà pé iṣẹ́ ti parí níbẹ̀. Ọ̀gá tó ń darí rẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀, ẹni tó dán an wò gbà bẹ́ẹ̀, olóòtú tó tẹ̀ ẹ́ jáde náà kò sì rí ohun tó burú níbẹ̀. Èmi ò gbà. Nọ́ńbà yẹn kò tíì di èsì. Àárín ọ̀nà ni wọ́n já a sí, wọ́n wá ní kí ẹni tó ń kàwé gbé e dé ilé fúnra rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́ o, n kò bá lọ́ọ̀gì jà. Ẹni tó bá mọ bí bakitéríà ṣe ń ṣe kò lè bá a jà. Ọ̀kan á pín di méjì, méjì á di mẹ́rin, mẹ́rin á di mẹ́jọ. Ìlọ́po ni wọ́n fi ń pọ̀ sí i, kì í ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí nǹkan ṣe ń ba kànga jẹ́ náà rí bẹ́ẹ̀. Ní ìgboro Ìbàdàn àtijọ́, ní Ọjà'ba, Mápó àti Bẹẹrẹ, títí dé Beyerunka, agbo ilé sún mọ́ra débi pé ògiri ẹnìkan ni ẹnìkejì fara tì. Òkúta líle ló wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ Ìbàdàn, erùpẹ̀ tó bò ó lórí kò sì jìn púpọ̀, nítorí náà kànga ọwọ́ ò lè jìn, inú erùpẹ̀ yẹn náà ni ṣáláńgá sì wà. Omi ẹ̀rọ Ẹlẹ́yẹlé ti wà láti 1942, àmọ́ ẹni tó ń gbé àárín ìgboro mọ iye ìgbà tí ẹ̀rọ máa ń yọ omi. Kànga ni wọ́n gbójú lé. Kànga kan á ní ìdérí, ìfami rẹ̀ á so mọ́ ọn, a ò ní gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Èkejì tí kò ju ogún ẹsẹ̀ sí i lọ á ṣí sílẹ̀ gbayawu, ewúrẹ́ á máa pọ́n etí rẹ̀ lá, ìfami á máa wọ́ nínú ẹrọ̀fọ̀ kó tó tún wọlé lọ. Bí ẹ bá ka bakitéríà inú àwọn méjèèjì, ẹ lè rí 50 nínú ọ̀kan, kí ẹ rí 40,000 nínú èkejì.

Iye tó fẹ̀ tó báyìí kò ṣeé fi ìpíndọ́gba lásán ṣe ohunkóhun. Ìdí nìyẹn tí C. B. Williams, ẹni tó ń ka kòkòrò tí iná ń mú lóru ní ibùdó ìwádìí Rothamsted ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi kọ̀wé ní 1937 pé kí á lo lọ́ọ̀gì fún irú iye bẹ́ẹ̀. Lóru ọjọ́ kan kòkòrò díẹ̀ ló máa mú, lóru ọjọ́ kejì ó lè mú ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Lọ́ọ̀gì 10 ni 1, lọ́ọ̀gì 100 ni 2, lọ́ọ̀gì 1,000 ni 3. Ohun tó jẹ́ ìlọ́po di ìfikún, ohun tó rìn jìnnà síra wá sún mọ́ra, ìṣirò tí a mọ̀ sì wá ṣeé ṣe lórí rẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ohun tí àwọn tó ń tẹ̀lé e gbàgbé ni pé Williams kò dúró sórí lọ́ọ̀gì. Ó dá ìpíndọ́gba rẹ̀ padà sí iye kòkòrò. Títí di òní, àwọn tó ń ka ẹ̀fọn ṣì ń pe irú ìpíndọ́gba bẹ́ẹ̀ ní ti Williams.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe é lójú ara wa. Mo fẹ́ lo kànga méjìlá, èmi ni mo fọwọ́ ara mi ṣètò nọ́ńbà wọn fún àpẹẹrẹ, wọn kì í ṣe ti agbo ilé kankan. Mẹ́fà ṣí sílẹ̀, mẹ́fà ní ìdérí. A ka íkólì, bakitéríà tó ń ti inú ìgbẹ́ ènìyàn àti ẹran wá, nínú 100 mìlílítà omi kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ṣí sílẹ̀ ní 100, 400, 1,000, 2,000, 5,000 àti 40,000. Àwọn tó ní ìdérí ní 10, 50, 100, 200, 400 àti 2,000.

Bí ẹ bá ro àwọn tó ṣí sílẹ̀ pọ̀, tí ẹ pín in sọ́nà mẹ́fà, ẹ ó rí 8,083. Ẹ tún nọ́ńbà wọ̀nyẹn wò. Márùn-ún nínú kànga mẹ́fà ni kò dé 8,083, ọ̀kan ṣoṣo ló gbé gbogbo rẹ̀ sókè. Bí ẹ bá wá fi ìṣirò tí gbogbo ayé ń lò wá àlàfo ìgbẹ́kẹ̀lé rẹ̀, ìyẹn ibi tí a lè fọkàn tán dé ìwọ̀n 95% pé ìpíndọ́gba gidi wà, yóò bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ òdo, ní −8,431, yóò sì lọ dé 24,597. Bakitéríà tó jẹ gbèsè! Síbẹ̀ irú nǹkan yìí wà nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde, àwọn tó kọ ọ́ kàn ń fi àmì ± bò ó mọ́lẹ̀ ni.

Ẹ wá gba ti lọ́ọ̀gì. Lọ́ọ̀gì àwọn mẹ́fà tó ṣí sílẹ̀ ni 2.00, 2.60, 3.00, 3.30, 3.70 àti 4.60. Ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 3.20. Ti àwọn tó ní ìdérí jẹ́ 2.15. Ibí yìí ni tábìlì tí mo ń sọ máa ń parí sí. Àmọ́ ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo ló kù: kí ẹ gbé 10 sókè dé agbára 3.20, ẹ ó rí bí 1,590. Kí ẹ gbé e dé agbára 2.15, ẹ ó rí bí 140. Ìpíndọ́gba ìsọdipúpọ̀ nìyẹn, iye tí ẹ bá rí bí ẹ bá sọ kànga mẹ́fẹ̀ẹ̀fà di púpọ̀ lọ́nà ara wọn, tí ẹ wá wá gbòǹgbò kẹfà rẹ̀. Ẹ wo ibi tí 1,590 bọ́ sí láàárín 100, 400, 1,000, 2,000, 5,000 àti 40,000. Mẹ́ta wà nísàlẹ̀ rẹ̀, mẹ́ta wà lókè rẹ̀. Ó jọ kànga tí ẹ máa bá pàdé bí ẹ bá yà sí agbo ilé kan láìmọ ibi tí ẹ ń lọ. 8,083 kò jọ kànga kankan nínú wọn.

Èwo ló wá ṣòro nínú ìyẹn? Àwọn tó ń gbèjà tábìlì lọ́ọ̀gì ní àwíjàre mẹ́ta, mo sì ti gbọ́ gbogbo wọn tó.

Èkíní ni pé ẹni tó ń ka ìwé ìmọ̀ gbọ́dọ̀ mọ lọ́ọ̀gì. Ẹni wo ni wọ́n ń sọ ná? Ta ló ń ṣe ìpinnu lórí kànga Beyerunka? Wolé-wolé ìjọba ìbílẹ̀ ni, ẹni tó ń gbé kilorínì kiri ni, mọ́gàjí tó máa sọ fún agbo ilé pé kí wọ́n dá owó ìdérí ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á fi gbogbo wọn sílẹ̀. Àwọn tó mọ lọ́ọ̀gì gan-an náà ń ṣìnà. Mo ti rí i tí wọ́n fi 3.20 àti 2.15 síwájú, tí wọ́n wá kọ ọ́ nísàlẹ̀ pé ìdérí dín bakitéríà kù ní 33%. Wọ́n yọ 2.15 kúrò nínú 3.20, wọ́n pín èyí tó kù fún 3.20, ó sì tán. Ẹ wo ìbàjẹ́ tó wà níbẹ̀. Bí ẹ bá pín 1,590 fún 140, ẹ ó rí bí 11. Kànga tó ṣí sílẹ̀ ní ìlọ́po mọ́kànlá bakitéríà èyí tó ní ìdérí. Ìdínkù náà jẹ́ 91%, kì í ṣe 33%.

Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn pé 33% ṣì ní ìtumọ̀, kó ṣe ìdánwò kékeré kan. Kó má ka bakitéríà sínú 100 mìlílítà mọ́, kó kà á sínú lítà kan. Omi náà ò yí padà, bakitéríà ò yí padà, ìwọ̀n tí a fi ń sọ̀rọ̀ nìkan ló yí. Gbogbo iye á di ìlọ́po mẹ́wàá, lọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan á fi 1 lé sí i. 3.20 á di 4.20, 2.15 á di 3.15. Bí ó bá tún ìṣirò rẹ̀ ṣe, ìdínkù tó jẹ́ 33% lánàá á di 25% lónìí. Ìdérí náà ò kúrò lórí kànga o. Àmọ́ ìlọ́po mọ́kànlá yẹn kò yẹsẹ̀ rárá, 15,900 fún 1,400 ṣì ni. Nọ́ńbà tó bá ń yí nígbà tí omi ò yí kì í ṣe nípa omi ló ń sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, ìyàtọ̀ láàárín lọ́ọ̀gì méjì kò gbọdọ̀ jáde síta gẹ́gẹ́ bí ìyàtọ̀. Bí ẹ bá yọ 2.15 kúrò nínú 3.20, 1.05 ló kù, bí ẹ sì gbé 10 dé agbára 1.05, ìlọ́po mọ́kànlá yìí náà ni ẹ ó bá. Ìyọkúrò lórí lọ́ọ̀gì, ìpín ni nígbà tó bá délé. Ẹni tó bá dá 1.05 padà tó wá kọ ọ́ pé “bakitéríà fi 11 pọ̀ sí i” ti dá a padà sí ilé ẹlòmíràn.

Àwíjàre kejì wọn ni pé pì-fálù ló ṣe pàtàkì, lẹ́tà a àti b sì ti sọ ọ́. Mo gbà pé ẹni tó bá fẹ́ lẹ́tà nìkan lè dúró sórí lọ́ọ̀gì. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí lẹ́tà ń bò mọ́lẹ̀ nínú àpẹẹrẹ wa. Pì-fálù ìfiwéra náà tó bí 0.06. Ẹni tí àṣà 0.05 ti wọ̀ lára á fi lẹ́tà kan náà sórí méjèèjì, á sì kọ ọ́ pé ìdérí kò ṣe ìyàtọ̀ kankan. Ẹlòmíràn tó fẹ́ràn ìdérí á kọ ọ́ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe ìyàtọ̀. Èkejì kò sàn ju èkíní lọ. Ẹ jẹ́ kí á dá àlàfo ìgbẹ́kẹ̀lé náà padà ká wò ó. Lórí lọ́ọ̀gì, ìyàtọ̀ 1.05 náà lè wà níbikíbi láti −0.04 sí 2.14. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ ọ́, ó sì dà bí ohun kékeré tí kò lè dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ẹ bá dá a padà, ó di ìlọ́po 0.9 sí ìlọ́po 138. Ìyẹn ni pé kànga mẹ́fà-mẹ́fà tí a yẹ̀ wò kò lè sọ fún wa bóyá ìdérí ò ṣe nǹkan kan, tàbí ó ń dín bakitéríà kù dé ìdá kan nínú 138. Ohun tí wọ́n máa fi ṣòfin àdúgbò ni ẹ rí yìí: àyẹ̀wò náà kéré jù. Orí lọ́ọ̀gì ni àìmọ̀ ńlá yẹn sá pamọ́ sí. Mo rò pé ìyẹn ni àǹfààní tí àwọn kan rí nínú rẹ̀, bí wọn ò tilẹ̀ ní sọ ọ́ jáde.

Àwọn kan máa fẹ́ dá a padà, wọ́n á wá ṣe é lọ́nà tó burú ju kí wọ́n fi í sílẹ̀ lọ. 3.20 ± 0.37 ló wà níwájú wọn. 0.37 yẹn ni ìwọ̀n àṣìyè, bí ìpíndọ́gba náà ṣe lè yẹ̀ sọ́tùn-ún tàbí sósì. Wọ́n á gbé 10 dé agbára 3.20, wọ́n á rí 1,590. Wọ́n á gbé 10 dé agbára 0.37, wọ́n á rí 2.3, wọ́n á wá kọ 1,590 ± 2.3. Ẹ ò rí i? Ẹ ti ka kànga mẹ́fà tó bẹ̀rẹ̀ láti 100 dé 40,000, ẹ wá ní àṣìyè yín kò ju bakitéríà méjì àbọ̀ lọ. 2.3 yẹn kì í ṣe iye bakitéríà, ìlọ́po ni. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí ẹ sọ 1,590 di púpọ̀ lọ́nà 2.3, kí ẹ tún pín in fún 2.3, ẹ ó rí láti bí 680 sí bí 3,700. Nítorí èyí ni mo ṣe ń sọ pé kí ẹ má dá ìwọ̀n àṣìyè padà rárá. Àlàfo ìgbẹ́kẹ̀lé ni kí ẹ dá padà. Ẹ wá ìsàlẹ̀ àti òkè rẹ̀ lórí lọ́ọ̀gì, 2.25 àti 4.15, kí ẹ sì dá ọ̀kọ̀ọ̀kan padà: bí 180 sí bí 14,000. Ti àwọn tó ní ìdérí á jẹ́ bí 21 sí bí 950. Ẹ ó rí i pé 1,590 kò dúró ní àárín 180 àti 14,000. Bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí. Ọ̀nà òkè jìn ju ọ̀nà ìsàlẹ̀ lọ, nítorí bakitéríà lè di ẹgbẹẹgbẹ̀rún ṣùgbọ́n kò lè bọ́ sísàlẹ̀ òdo. Olóòtú tó bá ní kí ẹ tún un ṣe kó lè dọ́gba lápá méjèèjì, ẹ bá a sọ̀rọ̀ dáadáa.

Ẹ̀rọ ti ń ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí, torí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé iṣẹ́ pọ̀. Ẹni tó ń lo R, bí tábìlì rẹ̀ bá ń jẹ́ `kanga`, tí òpó iye ń jẹ́ `ecoli`, tí òpó irú kànga ń jẹ́ `iru`, èyí ló tó:

```
library(emmeans)
m <- lm(log10(ecoli) ~ iru, data = kanga)
emmeans(m, pairwise ~ iru, type = "response")
```

Ọ̀rọ̀ `type = "response"` yẹn ló ń dá a padà. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, orí lọ́ọ̀gì ni èsì máa dúró sí. Bí ẹ bá kọ ọ́, apá ìfiwéra á fún yín ní ìlọ́po, òpó rẹ̀ á sì máa jẹ́ `ratio`. Ẹ bi í ní àlàfo rẹ̀ pẹ̀lú `confint`, ẹ má jẹ́ kí ojú yín dúró sórí pì-fálù.

Àwíjàre kẹta ló le jù, èmi náà sì ń bọ̀wọ̀ fún un. Wọ́n ní ìpíndọ́gba tí a dá padà kì í ṣe ìpíndọ́gba. Òótọ́ ni. 1,590 kì í ṣe 8,083, ó sì máa ń kéré sí i nígbàkigbà tí kànga kò bá jọra. Ṣé ìyẹn wá jẹ́ kí a fi 3.20 sílẹ̀ bó ṣe wà? 3.20 náà ni 1,590, ó kàn wọ agbádá ni. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù pé ẹni tó ń kà á máa rò pé ìpíndọ́gba àròpọ̀ ni, ẹ pe orúkọ rẹ̀ sí orí tábìlì. Àwọn tó ń wádìí ibà ní ilé ìwòsàn ńlá yunifásítì tó wà ní Ìbàdàn gan-an ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún kòkòrò ibà inú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ń kọ ọ́ ní iye kòkòrò nínú ẹ̀jẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ìpíndọ́gba ìsọdipúpọ̀ gbangba, kò sì sí dókítà tó ń fi lọ́ọ̀gì sọ bí ibà ọmọ kan ṣe le tó. Nílẹ̀ Amẹ́ríkà náà, ìlànà tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 1986 fún omi tí ènìyàn ń lúwẹ̀ẹ́ ní kí íkólì má ju 126 lọ nínú 100 mìlílítà, ìpíndọ́gba ìsọdipúpọ̀ sì ni 126 yẹn. Wọn kò kọ 2.10 sí i.

Àmọ́ ibi kan wà tí mo ti bá àwọn alátakò mi rìn. Bí ìbéèrè bá jẹ́ iye bakitéríà tí gbogbo àdúgbò ń mu, ìpíndọ́gba ìsọdipúpọ̀ á tàn yín jẹ. Ẹ ro kànga mẹ́fà tó ṣí sílẹ̀ pọ̀, 48,500 ni. 40,000 nínú rẹ̀ ti inú kànga kan ṣoṣo jáde, ìyẹn ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún lọ. Lọ́ọ̀gì ti rọ kànga yẹn lójú, ó ti jẹ́ kó dúró bí ẹgbẹ́ àwọn yòókù. Ewu àìsàn tó wà nínú omi mímu ń tẹ̀lé àpapọ̀ ohun tí ènìyàn gbé mì, kì í ṣe lọ́ọ̀gì rẹ̀. Charles Haas kọ ọ́ ní 1996 pé ìpíndọ́gba àròpọ̀ ló yẹ kí á fi ṣírò irú ewu bẹ́ẹ̀, mo sì gbà pé ó jàre. Nítorí náà, ẹ fi 8,083 sí tábìlì náà bí ẹ bá fẹ́ sọ nípa ewu, ẹ fi 1,590 sí i bí ẹ bá fẹ́ fi irú kànga kan wé èkejì, ẹ sì sọ èyí tí ẹ ń lò àti ìdí rẹ̀. Ohun tí kò ṣeé ṣe ni àṣà kan tó gbòde báyìí: wọ́n á ṣe àfiwéra lórí lọ́ọ̀gì, wọ́n á wá kọ ìpíndọ́gba àròpọ̀ sínú tábìlì, wọ́n á mú lẹ́tà a àti b láti orí lọ́ọ̀gì wá lẹ̀ mọ́ ọn. Lẹ́tà yẹn kì í ṣe ti nọ́ńbà yẹn. Ìlọ́po tí ẹni tó ń kàwé máa rí nínú tábìlì bẹ́ẹ̀ ni 8,083 fún 460, ìyẹn bí mẹ́tàdínlógún àbọ̀. Ìlọ́po mọ́kànlá ni a sì dán wò.

Ọ̀rọ̀ òdo ṣì kù. Òdo kò ní lọ́ọ̀gì. Nígbà tí kànga kan ò bá hu nǹkan kan, àwọn ènìyàn á fi 1 kún gbogbo iye kí wọ́n tó mú lọ́ọ̀gì, gẹ́gẹ́ bí Williams ti ṣe. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ yọ 1 yẹn padà lẹ́yìn tó bá dá ìpíndọ́gba padà, àwọn tó ń gbàgbé rẹ̀ sì pọ̀. Èyí kò burú fún kòkòrò tí a kà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní láàbù omi ó lè bàjẹ́ pátápátá. Bí ẹ bá mú mìlílítà kan péré nínú omi, tí ẹ tẹ́ ẹ sínú abọ́ jẹlí, tí nǹkan kan ò hù, ẹ kò rí òdo. Ohun tí ẹ rí ni pé bakitéríà inú 100 mìlílítà lè kéré sí bí 100. Bí ẹ bá kọ òdo, tí ẹ fi 1 kún un, lọ́ọ̀gì rẹ̀ á di 0. Bí ẹ bá kọ 50, tí í ṣe ìdajì 100, lọ́ọ̀gì rẹ̀ á di 1.70. Kànga kan náà ni, abọ́ kan náà ni, ìyàtọ̀ tó wà láàárín èrò méjèèjì sì tó ìlọ́po àádọ́ta. Bí irú kànga bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ méjì nínú mẹ́fà, ìpíndọ́gba tí ẹ dá padà kì í ṣe ti kànga mọ́, ti 1 tí ẹ fi kún un ni. Ẹ lè mọ̀ ọ́n lọ́nà tó rọrùn: ẹ tún ìṣirò náà ṣe, kí ẹ fi 10 rọ́pò 1. Bí èsì bá fò kúrò ní ipò rẹ̀, ẹ má dá ohunkóhun padà. Ẹ bu omi púpọ̀ sí i nígbà tí ẹ bá tún lọ, ẹ sẹ́ gbogbo 100 mìlílítà, kí ẹ sì sọ iye kànga tí ẹ ò rí nǹkan kan nínú wọn.

Ní ti mọ́gàjí, kò sí ìpíndọ́gba tó jẹ́ ìdáhùn fún un. Àjọ ìlera àgbáyé ní kí íkólì má sí rárá nínú 100 mìlílítà omi mímu, ìlànà omi mímu ilẹ̀ wa náà sì sọ bẹ́ẹ̀. Kànga agbo ilé rẹ̀ ló fẹ́ mọ̀. Ẹ sọ fún un pé márùn-ún nínú mẹ́fà tó ṣí sílẹ̀ ju 100 lọ, pé mẹ́ta nínú mẹ́fà tó ní ìdérí náà ju 100 lọ, pé kò sí ọ̀kankan nínú méjìlá tó mọ́ tó láti mu láìsè. Ẹ wá sọ fún wolé-wolé pé ìlọ́po mọ́kànlá ni, ó lè jẹ́ 0.9, ó lè jẹ́ 138, kó yan bóyá ó fẹ́ san owó kànga ogójì sí i kó tó kọ òfin. Ìyẹn ni iṣẹ́ tí a gbé fún akẹ́kọ̀ọ́ tó lọ fami ní Beyerunka nínú oòrùn, tó sì jókòó ti abọ́ jẹlí mọ́jú. Kí ó tó fi ìwé náà ránṣẹ́ sí olóòtú, kó wo òpó kejì nínú tábìlì rẹ̀. Bí nọ́ńbà ibẹ̀ bá kéré débi pé kò sí èyí tó ju 6 lọ, nígbà tí ó mọ̀ pé òun ka ẹgbẹẹgbẹ̀rún nǹkan nínú abọ́, kó padà lọ ṣe ìṣísẹ̀ kan tó kù.